Àká àti Àwo: Bí Fíìmù 143 Tí Mo Fẹ́ Wò Ṣe Di 12 Tí Mo Ń Wò

Ìyá ọkọ mi wá lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ wa n'Ìbàdàn nínú oṣù kìíní. Lálẹ́ Sátidé kan, mo di rìmóòtì mú, mò ń yí i síwá, mò ń yí i sẹ́yìn, ó tó ogójì ìṣẹ́jú, mi ò tíì rí èyí tí a máa wò. Màmá wò mí títí, wọ́n ní, "Ìyàwó mi, ṣebí o ní fíìmù tí o kọ sílẹ̀ pọ̀?"

Mo ní, "Ó pọ̀, Màmá. Ó lé ní ogóje."

Wọ́n ní, "Ẹni tó ní ogóje aṣọ nínú àpótí, tí kò rí ọ̀kan wọ̀ lọ sóde, ṣé aṣọ ló ní ni àbí ẹrù?"

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Nígbà tí wọ́n sùn, mo jókòó, mo kà á. Díẹ̀ wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ fóònù mi, díẹ̀ wà nínú Watch later lórí YouTube, díẹ̀ wà nínú My List ti Netflix, àwọn kan sì jẹ́ àtẹ̀jíṣẹ́ WhatsApp tí mo fi ránṣẹ́ sí ara mi. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 143. Ohun tí mo ṣe láti ìgbà náà ni mo fẹ́ là sílẹ̀ níbí, títí kan ibi tó ti kọ́kọ́ daṣẹ́ sílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí mi ò pa nǹkan kan rẹ́

Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń kọ́kọ́ ṣe ni pé a ó bẹ̀rẹ̀ sí í to àtòjọ náà: ti ẹ̀rín níhìn-ín, ti ogun lọ́hùn-ún. Títò kì í dín in kù. Bíi táǹkì omi ni: bí ohun tó ń wọlé bá ju ohun tó ń jáde lọ, ó máa kún àkúnya, bó ti wù kó mọ́ tó nínú. Ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ mọ̀ ni iye tó ń jáde, kò sì sí ẹni tó lè fi orí lásán mọ̀ ọ́n. Èmi rò pé mò ń wo fíìmù mẹ́ta lọ́sẹ̀. Irọ́ ni mò ń pa fún ara mi.

Mú ìwé kékeré kan àti bírò, fi wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gbáko, má ṣe yí nǹkan kan padà nínú bí o ṣe ń wo fíìmù. Ìgbàkígbà tí o bá jókòó láti wò ó, kọ ọjọ́ náà, iye ìṣẹ́jú tí o ní kí oorun tó gbé ọ, orúkọ ohun tí o wò, àti bóyá inú àtòjọ rẹ ló ti wá. Ní ojú ìwé kejì, fa ìlà kan fún fíìmù tuntun kọ̀ọ̀kan tí o bá fi kún àtòjọ.

Tèmi rèé. Mo jókòó ní ìgbà 11. Mo wo nǹkan 7 parí, kúkúrú ló pọ̀ nínú wọn. Méjì péré ló wá láti inú àtòjọ. Márùn-ún tó kù jẹ́ ohun tí YouTube gbé síwájú mi, tí mo sì tẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kan náà, mo fi 19 kún un. Ká ní mi ò tilẹ̀ fi ẹyọ kan kún un mọ́ láyé, 143 tí méjì ń jáde lára rẹ̀ lóṣù máa gba oṣù 71 àti ààbọ̀ kó tó tán. Ọdún mẹ́fà ku ààbọ̀ oṣù nìyẹn. Ọmọ mi tó wà ní pírámárì á ti wọ sẹ́kọ́ńdírì.

Ṣùgbọ́n iye ìṣẹ́jú ni ó là mí lójú jù. Nínú ìgbà 11 tí mo jókòó, 7 kò ju ogójì sí ọgọ́ta ìṣẹ́jú lọ: àwọn ọmọ ti sùn, èmi náà sì máa jí ní aago márùn-ún. Ìgbà 4 péré ni mo ní tó wákàtí méjì. Bẹ́ẹ̀, ohun tó ju ìdajì lọ nínú àtòjọ mi ló gùn ju ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú lọ. Ẹ wo Aníkúlápó tí Kúnlé Afọláyan gbé jáde ní 2022. Ó tó wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 22. Mo ti ṣí i ní ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀, mo rí bó ṣe gùn tó, mo pa á dé. Kì í ṣe pé mi ò fẹ́ wò ó. Kò sí àyè rẹ̀ ní ọjọ́ Túsìdeè ni. Lójú tèmi, ìdí yìí ni àtòjọ ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fi í tán, kì í ṣe ọ̀lẹ.

Ìwọ̀n àwo

Láti ìgbà náà ni mo ti pín nǹkan sí ibi méjì. Ọ̀kan ni mo pè ní àká, ìkejì ni mo pè ní àwo. Àká ni ibi tí gbogbo orúkọ tí mo bá gbọ́ ń lọ, ó lè pọ̀ bó ṣe wù ú, àmọ́ mi ò gbọ́dọ̀ dúró síwájú rẹ̀ lálẹ́ kí n máa yan ohun tí n ó wò. Inú àwo nìkan ni a ti ń jẹun. Àwo kì í sì í ju oúnjẹ oṣù kan lọ.

Báwo ni a ṣe ń mọ ìwọ̀n rẹ̀? Padà sí ìwé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yẹn, wo irú àyè tí o ní lóòótọ́. Èmi ní ọ̀sán Sọ́ńdè fún ohun gígùn kan, alẹ́ Fúráìdè fún ohun tí kò ju ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú lọ, àti Túsìdeè pẹ̀lú Tọ́sìdeè fún ohun tí kò tó wákàtí kan. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ìyẹn jẹ́ gígùn 4, àárín 4, kúkúrú 8. Ó di 16. Lẹ́yìn náà, yọ ìdá kan nínú mẹ́rin kúrò. Má bá mi jiyàn lórí yíyọ yìí. Òde máa wà, àlejò máa dé láìròtẹ́lẹ̀, NẸ́PÀ máa mú iná lọ nígbà tí bátìrì ínfátà ti lọ sílẹ̀, ara ọmọ á sì gbóná lóru ọjọ́ kan. Tèmi wá di gígùn 3, àárín 3, kúkúrú 6. Àpapọ̀ 12.

Bí o bá jẹ́ ẹni tó ń jókòó lẹ́ẹ̀kan péré lọ́sẹ̀, 3 ni tìrẹ. Mẹ́ta kò kéré. Àbúrò mi ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ àṣemọ́jú ní 3, kì í sì í kùnà rẹ̀.

Gbígbọn 143

Àṣìṣe tí mo kọ́kọ́ ṣe níbí ni pé mo ń bi ara mi léèrè lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan pé, "Ṣé mo ṣì fẹ́ wo èyí?" Ta ni yóò sọ pé òun kò fẹ́? Mo lo wákàtí kan, mẹ́rin péré ni mo yọ. Ìgbà tí mo pa ìbéèrè yẹn tì, tí mo gbé asẹ́ mẹ́rin tó ṣe é fojú rí, ni iṣẹ́ yá.

Asẹ́ àkọ́kọ́ ni èyí tí mo ti wò tàbí tí mo kọ lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n jẹ́ 17. Fíìmù Yorùbá lórí YouTube ló pọ̀ jù níbẹ̀, torí fíìmù kan náà lè fara hàn lórí ìkànnì méjì pẹ̀lú orúkọ méjì àti àwòrán ojú méjì. Ó ku 126. Asẹ́ kejì ni èyí tí kò sí mọ́ níbi tí mo ti rí i: 13, ó ku 113. Asẹ́ kẹta ni ìtẹ̀síwájú ìtàn tí mi ò tíì wo ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí àpẹẹrẹ, mo kọ Saworoidẹ ti 1999 àti Agogo Èèwọ̀ ti 2002 sílẹ̀ papọ̀, bẹ́ẹ̀ ìkejì tẹ̀lé ìtàn ti àkọ́kọ́. Kò sí ìdí tí yóò fi gba àyè kí n tó mọ̀ bóyá n ó fẹ́ràn àkọ́kọ́. Mẹ́sàn-án irú rẹ̀ lọ, ó ku 104.

Asẹ́ kẹrin ló gbọn jù. Mo bo gbogbo nǹkan mọ́lẹ̀ yàtọ̀ sí orúkọ, mo wá gbìyànjú láti kọ gbólóhùn kan péré nípa ìdí tí mo fi fẹ́ wò ó. Bí gbólóhùn yẹn kò bá jáde láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, mo pa á rẹ́. Mọ́kànlélọ́gọ́ta, 61, ló lọ. Wọ́n ń jẹ́ orúkọ, àmọ́ mi ò mọ ẹni tó sọ wọ́n fún mi, mi ò mọ ohun tó wà nínú wọn. Ó ku 43. Mo yan 12 sínú àwo, 31 wọ àká. Gbogbo rẹ̀ kò gbà ju wákàtí méjì lọ, ọ̀sán Sátidé kan ni.

Bí ẹ̀rù bá ń bà ọ́ láti pa á rẹ́, ya fọ́tò àtòjọ àtijọ́ náà, fi pa mọ́. Èmi ṣe bẹ́ẹ̀. Mi ò tíì padà wò ó.

Ohun tó yẹ kó wà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan

Ìwé ni mo fi ṣe àwo tèmi, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì kí gbogbo ilé lè máa rí i. Mo pín in sí mẹ́ta: gígùn, àárín, kúkúrú, àyè sì pé iye tí mo sọ yẹn, kò lé, kò dín. Bí àyè gígùn mẹ́ta bá ti kún, ìkẹrin kò wọlé àfi kí ọ̀kan jáde. Orí fóònù náà dára, àmọ́ fóònù kì í sọ pé ó tó. Watch later ti YouTube á gbà ọ́ láyè títí dé 5,000 fídíò.

Lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, kọ orúkọ, iye ìṣẹ́jú, ibi tó wà, ìdí, àti ọjọ́ tó wọlé. Èyí ni bí ọ̀kan ṣe rí lára fíríìjì wa:

Aníkúlápó. Ìṣẹ́jú 142. Netflix. Àbúrò mi ní kí n wo aṣọ àti ilé amọ̀ tí wọ́n fi ṣe Ọ̀yọ́ àtijọ́. 9/2.

Iye ìṣẹ́jú ló ń jẹ́ kí o mọ ọjọ́ rẹ̀ láìṣí i. Ibi tó wà ṣe pàtàkì jù fún YouTube: kọ orúkọ ìkànnì náà mọ́ ọn, torí wọ́n máa ń yí àkọlé padà nígbà míì, tí o bá wá àkọlé àtijọ́ o ò ní rí i. Ìdí ni yóò rọ̀ ọ́ nígbà tó bá rẹ̀ ọ́. Orúkọ lásán kì í pe ènìyàn. "Wo bí ìyá náà ṣe dáhùn ní ilé ẹjọ́" máa ń peni. Nítorí náà, nígbà tí ẹnì kan bá sọ fún ọ pé fíìmù kan dùn, má kàn kọ orúkọ rẹ̀. Bi í pé, "Ibo gan-an ló dá ẹ dúró nínú ẹ̀?" Bí kò bá rí ibi kankan tọ́ka sí, ìwọ náà ti mọ ohun tí o máa ṣe.

Àwọn nǹkan mẹ́ta kì í wọ àwo rárá. Fíìmù YouTube tí apá kejì rẹ̀ kò tíì jáde kò gbọ́dọ̀ wọlé. Yóò dúró sí àká títí ó fi máa pé. Ọ̀wọ́ fíìmù alápá púpọ̀ kì í wọlé lódindi: apá kìíní nìkan ló ń gba àyè kúkúrú kan, tí o bá wò ó tí o sì fẹ́ ìkejì, ìkejì á rọ́pò rẹ̀ ní àyè yẹn gan-an. Ìkẹta ni ohun tó ní ọjọ́. Fíìmù tó wà ní sinimá, tàbí èyí tí Netflix kọ Last day to watch sí lára, kàlẹ́ńdà ni ibi tirẹ̀. Fi ọjọ́ àti aago sí i bí ẹni ń kọ ọjọ́ ìgbéyàwó. Bí o kò bá rí ọjọ́ fi sí i, fi sílẹ̀ kó lọ.

Yíyan kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ti alẹ́

Ogójì ìṣẹ́jú tí Màmá fi wò mí yẹn, yíyan ló jẹ ẹ́. Ní báyìí, ọ̀sán Sátidé ni mo máa ń yan ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, pẹ̀lú bírò: S fún Sọ́ńdè, F fún Fúráìdè, T fún àwọn ọjọ́ kúkúrú. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Lẹ́yìn náà ni mo ń dáńlóòdù wọn sórí fóònù tàbí tábúlẹ́ẹ̀tì nígbà tí mo bá wà níbi tí Wai-Fai wà, tàbí pẹ̀lú dátà òru tó rọjú.

Dídáńlóòdù yìí kì í ṣe ti owó nìkan. Fíìmù tó ti wà nínú fóònù rẹ ti di ohun tí o yàn. Èyí tí o ṣì máa ṣí íńtánẹ́ẹ̀tì kí o tó rí ni ohun mìíràn á gbà mọ́ ọ lọ́wọ́ lójú ọ̀nà. Lórí Netflix, fi ìwọ̀n àwòrán dáńlóòdù sí Standard, ojú fóònù kò ní mọ ìyàtọ̀, àyè inú rẹ̀ á sì tó ọ. Bí o bá gbọ́dọ̀ wò ó tààrà pẹ̀lú dátà, Save Data máa ń jẹ́ kí GB 1 tó nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà. Ohun kan wà láti ṣọ́ra fún: àwọn fíìmù kan tí o dáńlóòdù níbẹ̀ máa ń parẹ́ lẹ́yìn wákàtí 48 tí o bá ti tẹ̀ ẹ́. Nítorí náà, má ṣe tẹ fíìmù Sọ́ńdè ní Tọ́sìdeè "kí n kàn rí bó ṣe bẹ̀rẹ̀".

Fún YouTube, àká ni Watch later jẹ́ fún mi. Mo máa ń tò ó kí èyí tó pẹ́ jù wà lókè, mo sì máa ń tẹ Remove watched videos lẹ́ẹ̀kan lóṣù láti kó ohun tí mo ti wò kúrò.

Bí nǹkan ṣe ń jáde

Fíìmù tí a wò tán ti jáde, ìyẹn kò le. Èyí tó le ni àwòdádúró, òun ló ń gba àyè jù, torí kò kú, kò sì yè. Mo ní òfin méjì fún un. Bí mo bá wo fíìmù fún ogún ìṣẹ́jú tí kò mú mi, mo fa ìlà sí i lára, ó ti jáde, mo kà á mọ́ àwọn tó jáde lóṣù náà láìtijú. Bó bá jẹ́ oorun ló gbé mi, mo kọ ìṣẹ́jú tí mo dé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ní ọjọ́ méje láti padà. Bí ọjọ́ méje bá kọjá tí mi ò padà, mi ò tún ní padà mọ́, ìyẹn sì dájú. Mo fa ìlà sí i.

Ohunkóhun tó bá lo ọgọ́ta ọjọ́ nínú àwo láìjẹ́ pé mo yàn án náà á jáde. Kò padà sí àká. Ìdí tí mo fi kọ ọjọ́ tó wọlé nìyẹn. Àká náà ní tirẹ̀: lọ́jọ́ àkọ́kọ́ oṣù, nígbà tí mo bá fẹ́ tún àwo kún, mo máa ń ka àká látòkè délẹ̀, mo sì fa ìlà kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ èyí tí mi ò mú. Èyí tó bá ní ìlà mẹ́ta, a dágbére.

Oṣù tó kọ́kọ́ daṣẹ́ sílẹ̀

Oṣù àkọ́kọ́, mo wo 7 nínú 12. Kúkúrú 5, àárín 2, gígùn kò sí. Mo kọ́kọ́ bínú, mo wá wo ohun tí mo kó sí àyè gígùn. Ọ̀kan nìkan ni mo fẹ́ wò níbẹ̀, ìyẹn Aníkúlápó. Méjì tó kù jẹ́ fíìmù tí mo kọ torí kí àlejò tó bá dé ìdí fíríìjì lè rí i pé ọ̀mọ̀wé ni mí. Wọ́n wúwo bí ọlọ. Mo yọ wọ́n.

Ohun kejì ni ọkọ mi. Mi ò bi í léèrè kí n tó kún àwo náà, òun sì ni a jọ ń wo ti Sọ́ńdè, nítorí náà bọ́ọ̀lù ló ń wò. Ní oṣù kejì, mo fún un ní àyè gígùn kan àti àárín kan tó jẹ́ tirẹ̀ pátápátá, mi ò gbọ́dọ̀ dá sí ohun tó kọ síbẹ̀. Mo tún wo kàlẹ́ńdà bọ́ọ̀lù kí n tó fi S sí ohunkóhun. Àyè gígùn di 2, mo sọ kúkúrú di 7, torí ìwé ti fi hàn pé ibẹ̀ ni omi ti ń ṣàn jù. Oṣù yẹn, nínú 12, mo wo 10.

Bí o ṣe máa mọ̀ pé ìwọ̀n kò bá ọ mu nìyẹn. Bí ẹ̀ka kan bá ń tán tí òmíràn ń dúró fún oṣù méjì, àyè ni kí o gbà lọ́wọ́ èyí tó dúró fún èyí tó ń tán, má ṣe fi kún àpapọ̀. Bí gbogbo ẹ̀ka bá dúró pọ̀, yáa lọ wo ìwé rẹ: ó ṣeé ṣe kí o tún ti padà sí wíwo ohun tí YouTube gbé síwájú rẹ. Bí ìyẹn bá lé ní ìdajì ìgbà tí o jókòó, dín àwo kù sí ìdajì fún oṣù kan.

Màmá tún dé ní oṣù kẹrin. Wọ́n dúró síwájú fíríìjì, wọ́n wọ jígí wọn, wọ́n ka ìwé náà délẹ̀, wọ́n wá bèèrè bóyá àyè kúkúrú kan ṣì ṣófo. Mo ní ó ṣófo. Wọ́n gba bírò lọ́wọ́ mi, wọ́n kọ orúkọ àgbéléwò àtijọ́ kan síbẹ̀. Mo ní, "Màmá, ẹ kò kọ ìdí."

Wọ́n ní, "Kọ ọ́ pé èmi ni mo ní kí ẹ wò ó."